Èmi ni mo ni ilé-iṣẹ́, kí ló dé tí inṣọ́ránsì kò fi san?

Oníṣòwò Pákó: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, èmi nìkan ni mo ni gbogbo ṣíà rẹ̀. Mo gba inṣọ́ránsì iná sórí pákó inú ilé ìkẹ́rùsí, orúkọ ara mi ni mo fi gbà á. Iná jó gbogbo rẹ̀. Adójútòfò ní àwọn ò ní san, pé pákó náà kì í ṣe tèmi. Ta ló wá ni ín?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú àdánù o. Àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé owó ọdún yìí ni ẹ ò tètè san. Ohun tí wọ́n fi dí èmi náà lọ́nà nìyẹn.

Oníṣòwò Pákó: Mo san, àǹtí. Rìsíìtì ń bẹ lọ́wọ́ mi.

Mosọbẹ́ẹ̀: Olè ni wọ́n. Ẹni tí òfò bá dé bá ló lẹ́tọ̀ọ́ sí owó. Tí pákó bá jó, àpò ta ni owó ti sọnù? Àpò tiyín ni. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Àgbà Kílèèmù: Ọ̀rọ̀ kò tíì parí, Mosọbẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ń lọ kò burú. Irú ẹjọ́ yìí gan-an dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bìrìtìkó lọ́dún 1925. Macaura lorúkọ ọkùnrin náà. Ó ta gbogbo pákó orí ilẹ̀ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan, ṣíà 42,000 ni wọ́n fi san án fún un, òun àti àwọn tó ń dúró fún un ló ni gbogbo ṣíà náà. Inṣọ́ránsì wá wà lórúkọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 1922, iná jó èyí tó pọ̀ jù nínú pákó náà. Adójútòfò kò san kọ́bọ̀ fún un. Àwọn adájọ́ ní ilé-iṣẹ́ ló ni pákó, òun kàn ni ṣíà ni. Ilé-iṣẹ́ tún jẹ ẹ́ lówó, síbẹ̀ gbèsè tí kò ní ohun ìdúró kò fún un ní ẹ̀tọ́ kankan lórí pákó.

Mosọbẹ́ẹ̀: Ẹ̀yin ẹ gbọ́ o! Òun nìkan ló ni ín, kì í sì í ṣe tirẹ̀!

Àgbà Kílèèmù: Ìdí wà níbẹ̀. Tí ilé-iṣẹ́ bá jẹ gbèsè, àwọn tó jẹ lówó kò lè wá gba ilé yín. Ẹ ò lè fi ilé-iṣẹ́ ṣe ààbò lọ́jọ́ gbèsè, kí ẹ tún wá sọ pé kò sí láàárín ẹ̀yin àti pákó lọ́jọ́ iná.

Dúró Wò Ó: Ẹ̀gbọ́n, Kánádà kò gba ìyẹn wọlé. Lọ́dún 1987, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ ní kí wọ́n san fún Kosmopoulos, tó ń ta ohun èlò aláwọ. Òun nìkan ló ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ ló wà lórí inṣọ́ránsì, iná ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá a gba inṣọ́ránsì náà sì mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ni.

Àgbà Kílèèmù: Òótọ́ ni. Òfin ibi tí ẹ wà ló máa sọ èwo ni yóò mú. Oníṣòwò, kí ni ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ni ọjà?

Oníṣòwò Pákó: Èjẹ́ǹtì wọn ló kọ ọ́, mo kàn fọwọ́ sí i. Mo sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ ni. Ó ní kò séwu.

Àgbà Kílèèmù: Háà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1929, ilé ẹjọ́ ní èjẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù, ẹni tó ń gba inṣọ́ránsì ló ń ṣiṣẹ́ fún nígbà yẹn. Ohun tí ẹ bá fọwọ́ sí ti di ọ̀rọ̀ ẹnu yín.

Akin Ẹ̀yìnọ̀la: Tèmi, inṣọ́ránsì ẹ̀mí ni. Bàbá mi kò sọ fún adójútòfò pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkọ̀ ló gbá wọn pa, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó yẹ kí adójútòfò san.

Mosọbẹ́ẹ̀: Gbogbo owó ni wọ́n gbọ́dọ̀ san! Ohun tí wọ́n fi pa mọ́ kọ́ ló pa wọ́n.

Àgbà Kílèèmù: Níbi tí òfin àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ohun tó pa wọ́n kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á bi ara wọn pé, ká ní a mọ̀, ṣé iye yìí la máa gbà? Ní Bìrìtìkó, òfin 2012 ti dẹ ọ̀rọ̀ náà fún ará ìlú tó bá jẹ́ pé àìkíyèsí ni. Ká ní 100 ló yẹ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gba 60, ìdá 60 nínú 100 owó kílèèmù ni wọ́n á san. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ọwọ́ òfo ni. Akin, ṣé wọ́n tiẹ̀ béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru nínú fọ́ọ̀mù?

Akin Ẹ̀yìnọ̀la: Mi ò tíì rí fọ́ọ̀mù náà.

Àgbà Kílèèmù: Ẹ béèrè fún ẹ̀dà rẹ̀. Oníṣòwò, ẹ̀yin náà, ẹ béèrè, kí ẹ sì wá ìwé tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi hàn pé èjẹ́ǹtì mọ̀. Ṣé ẹ yá ilé-iṣẹ́ lówó, tí ẹ sì fi pákó ṣe ìdúró?

Oníṣòwò Pákó: Mo yá a lówó. A ò kọ ìwé ìdúró kankan.

Mosọbẹ́ẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń gba owó rẹ̀, wọn ò bi í léèrè ta ló ni pákó títí iná fi jó. Ó kéré tán, kí wọ́n dá owó yẹn padà.

Àgbà Kílèèmù: Ìyẹn ẹ lè jà fún.