"Pẹ̀lú omi" kọ́ ni "nínú omi"

Wọ́n tún ti sún àtúnṣe àkọlé oògùn síwájú. Àwọn aláṣẹ tó ń fọwọ́ sí àkọlé páálí oògùn ní kí "Ẹ lò ó pẹ̀lú omi" ṣì wà lára oògùn tó ń tú sómi títí ìgbìmọ̀ yóò fi tún jókòó. A ti kọ ọ́ lójú ìwé yìí rí, a óò tún un kọ: hóró tí à ń sọ sẹ́nu, tí à ń fi omi tì wọ ọ̀fun, ni à ń lò pẹ̀lú omi. Èyí tó gbọ́dọ̀ tú ká kí á tó mu ún, inú omi ló ń lọ.

Ẹ wo oògùn ibà ọmọdé tó ní átímẹ́tà 20 mílígíráàmù àti lumefantírìn 120 nínú hóró kan. Ọmọ tó wọn kílò 5, tí kò tíì pé kílò 15, ń lo hóró kan lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 3. Bí ìyá bá tẹ̀ lé "pẹ̀lú omi" tó fi hóró náà sọ́mọ lẹ́nu, ó lè há ọmọ lọ́fun. Bó bá sì jù ú sínú kọ́ọ̀pù omi kíkún ńkọ́? Lumefantírìn kì í yọ́ bíi ṣúgà. Ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ ni, ó sì ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ọmọ á mu díẹ̀, á kọ ìyókù. Oògùn ibà á wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí wọ́n dà nù. Lọ́jọ́ kẹrin, ara ọmọ ṣì gbóná, wọ́n á ní oògùn ò ṣiṣẹ́.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò gùn: "Ẹ tú u sínú omi díẹ̀, bíi mílílítà 10. Ẹ rò ó pọ̀, kí ọmọ mu ún lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi omi díẹ̀ mìíràn ṣan kọ́ọ̀pù náà, kí ó mu ìyẹn pẹ̀lú." Wọ́n ní páálí kéré. Páálí tí orúkọ ọjà gba ìdajì rẹ̀!

Oògùn tó ń hó nínú omi, bíi irú parasítámọ̀ kan, tún ní tirẹ̀. Kó yọ́ tán pátá ni kí á tó mu ún. Sódà tó ń mú un hó sì kún fún sódíọ̀mù. Hóró kan lè ní nǹkan bí 400 mílígíráàmù. Ẹni tó lo 8 lóòjọ́ ti kọjá 3,000, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má dé 2,000 lóòjọ́, oúnjẹ àti oògùn lápapọ̀. Ó yẹ kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru rí i kà níwájú páálí.

Ti èyí tí à ń rún lẹ́nu, àkọlé "a lè rún un" ò tó rárá. Lántánọ́mù tí àwọn aláìsàn kíndìnrín ń lò lè dí ìfun bí wọ́n bá gbé e mì lódindi. "Ẹ rún un kúná kí ẹ tó gbé e mì" ni kí wọ́n kọ. Ìgbìmọ̀ wo ni èyí ń dúró dè?