Kí Ejò Ṣáà Ti Kú

Ọkùnrin rí ejò, obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Ẹnu gbogbo wa ni òwe yìí wà, ṣùgbọ́n ìtàn Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ ń fi hàn pé kì í rọrùn fún wa láti gbà á. Aláàfin ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, ní Ìgbòho, lásìkò tí Tápà ti lé ọba kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé.

Nínú ìwé ìtàn tí Àlùfáà Sámúẹ́lì Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ọkùnrin ni. Àwọn ìtàn àtẹnudẹ́nu kan láti Ìgbòho ní rárá o, obìnrin ni. Wọ́n ní nígbà tí arákùnrin rẹ̀ tó wà lórí oyè wàjà, kò sí àrẹ̀mọ tó dàgbà tó láti jọba, ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ bá ní òun yóò jẹ ẹ́. Ọ̀yọ́ Mèsì kò gbà. Ló bá bọ́ra sílẹ̀ níwájú wọn, ara ọkùnrin ni wọ́n sì rí. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn lónìí máa ń fẹ́ gé ibi ìparadà yìí dànù, pé ó ń bu obìnrin kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Ta ni í sọ ọkùnrin di ọkùnrin? Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n bí, kò sí ẹni tí yóò wá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kiri. Àwọn tó ń pa ìtàn ìparadà náà gan-an ni wọn ò jẹ́ ká gbàgbé pé obìnrin ni.

Ibi tí a fi í sí ló ń bà á jẹ́. A máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ara ọkùnrin ló fún un lágbára ogun. Ààfin ló ti paradà, nítorí oyè, nítorí àwọn ìjòyè tó ń bi í ní ìbéèrè.

Ogun Ìlayì ni kí ẹ fi gbé agbára rẹ̀ yọ. Gbọ̀nká rẹ̀, olórí ogun, ṣubú lójú ìjà. Ojú ẹsẹ̀ ló fi ẹlòmíràn joyè. Ìyẹn náà ṣubú. Ó tún fi ẹnì kẹta jẹ, òun náà kú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, eyín rẹ̀ hàn síta. Àwọn ọ̀tá rò pé ó ṣì wà láàyè, pé ọfà àwọn ló ń fi rẹ́rìn-ín. Ìbẹ̀rù mú wọn, wọ́n sá.

Ẹni tí ń sọ ìtàn yìí fọ́mọdé máa ń sáré dé orí òkú tó ń rẹ́rìn-ín, torí ó dùn. Ẹ rọra ná. Ẹ kọ́kọ́ dúró lórí ọba tó rí olórí ogun mẹ́ta ṣubú tí kò yí ẹ̀yìn padà, kí ẹ sì pè é ní obìnrin níbẹ̀, kí òkú tó rẹ́rìn-ín.