Àkàrà tó mu epo: ẹ yé di ẹ̀bi ru òróró

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń dín àkàrà nílé pé kí ló ń fà á tí àkàrà fi ń mu epo. Èsì kan náà lẹ máa gbọ́: “Òróró ò gbóná tó ni.” Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń gbé òróró kaná títí yóò fi máa rú èéfín kí a tó da ẹ̀wà sí i. A gbà pé bí ó bá ti gbóná débẹ̀, ojú àkàrà á dì lẹ́ẹ̀kan náà, epo ò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀, mo sì fi kọ́ àwọn àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti já. Òróró tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò dáa. Àkàrà á rì sínú rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ìdí páànù, á sì pẹ́ níbẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó le. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé ibi èéfín jìnnà gan-an, àárín méjèèjì sì ni àkàrà tó dáa wà.

Ẹ wo àkàrà kan nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú òróró. Ó ń hó yíká ara rẹ̀. Kì í ṣe òróró ló ń hó o, omi inú ẹ̀wà ló ń di ooru tó ń sá jáde. Níwọ̀n ìgbà tí ooru yẹn bá ṣì ń tú jáde dáadáa, òun ló ń ti òróró sẹ́yìn, epo ò sì fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Ìgbà tí a bá yọ àkàrà kúrò nínú páànù ni nǹkan yí padà. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ooru tó kù nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ padà di omi, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ṣófo, àwọn ihò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo tó lẹ̀ mọ́ ara àkàrà bí kàn-ìn-kàn-ìn ṣe ń fa omi. Púpọ̀ nínú epo tí à ń bá nínú àkàrà, ẹ̀yìn tó ti kúrò nínú páànù ló wọlé.

Tí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ibi tó yẹ kí ẹ máa wò. Ohun méjì ló wà níbẹ̀: bí omi tó jáde lára àkàrà ṣe pọ̀ tó, torí ihò tí omi bá fi sílẹ̀ ni epo ń gbà, àti bí epo tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ẹ yọ ọ́ ṣe pọ̀ tó. Òróró tó ń rú èéfín ò yanjú ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pọ́n ojú àkàrà láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ là á, ẹ̀wà tútù á máa fà lọ́wọ́. Ẹni tó rí i bẹ́ẹ̀ á dín iná kù, á dá èyí tó ti là náà padà sínú páànù, inú tó ti ṣí sílẹ̀ yẹn á sì mu epo yó. Yàtọ̀ síyẹn, òróró tó ti rú èéfín ti ń bàjẹ́. Ó ń dúdú, ó ń ki, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara àkàrà ju òróró tuntun lọ.

Inú igbá tí a fi po ẹ̀wà ni ọ̀rọ̀ àkàrà ti ń bàjẹ́ tàbí tó ti ń dára, kí iná tó dá sí i rárá.

Ohun tó là mí lójú ni ọjọ́ Sátidé kan tí èmi àti àbúrò mi obìnrin dín àkàrà pọ̀. Ife ẹ̀wà olóyin méjì la rẹ fún bí ogún ìṣẹ́jú, a bó o, a ṣan èèpo rẹ̀ dànù, a tún rẹ ẹ́ fún wákàtí méjì. Ìdajì kan, èmi ni mo lọ̀ ọ́ nínú bulẹ́ńdà. Omi tí mo lò ò ju ìdá mẹ́rin ife lọ. Mo ń dá ẹ̀rọ dúró, mo ń fi ṣíbí ti ẹ̀wà sísàlẹ̀, mo tún ń tàn án. Ó gba sùúrù. Àbúrò mi ò ní sùúrù yẹn ní tirẹ̀: nígbà tí abẹ bulẹ́ńdà ò yí, ó da odidi ife omi kan sí ìdajì tó kù, ó sì lọ̀ kúnná láìdúró rárá.

Mo ní kó jẹ́ ká dín in lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú páànù méjì tó dọ́gba, òróró ìgò kọ̀ọ̀kan, iná kan náà. Tèmi dúró lórí ṣíbí, ó gba kí n fi ìka tì í kó tó bọ́. Ó rì díẹ̀, ó ru sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó wú, ó sì rí roboto. Tirẹ̀ ṣàn kúrò lórí ṣíbí bí ògì, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí owó onírin ńlá, etí rẹ̀ sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú òróró. Ó ní: “Àǹtí mi, òróró yìí ò gbóná ni, ẹ jẹ́ ká fi iná sí i.” A fi iná sí i. Òróró rú èéfín, àkàrà dúdú, ó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ náà. Nígbà tí a gbé e lé bébà, bébà tó wà lábẹ́ tirẹ̀ mọ́lẹ̀ gbòò bíi gíláàsì, tèmi kàn ní àmì róbótó kéékèèké. Lẹ́yìn tí òróró tutù, a dà wọ́n padà sínú ìgò wọn, tirẹ̀ fi bí ìka méjì lọ sílẹ̀ ju tèmi lọ.

Ìdí rẹ̀ ò farapamọ́. Ẹ̀wà tó ṣàn ní omi púpọ̀ láti lé jáde, ó sì tẹ́, àkàrà tó tẹ́ sì ní ojú tó fẹ̀ jù fún ìwọ̀nba inú rẹ̀. Ojú ni epo ń lẹ̀ mọ́. Àkàrà roboto ní inú púpọ̀, ojú díẹ̀.

Omi díẹ̀ nìkan ò sì tó. Tí ẹ bá dín ẹ̀wà tó ki tí ẹ kò po, àkàrà á le bí òkúta, kò sì ní rọ̀. Pípo ni ó ń fi afẹ́fẹ́ sí i. Àwọn ìyá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀: inú odó ni wọ́n ti ń po ó, wọ́n á máa fi ọmọ odó rò ó yíká títí yóò fi funfun tí á sì wú. Ẹ fi ọmọrogùn tàbí ọwọ́ po ó fún ìṣẹ́jú bí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ máa gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, á funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi ojú nìkan wọ̀n ọ́n. Ẹ bu omi tútù sínú ife, kí ẹ fi orí ṣíbí bu ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Tó bá léfòó, ó ti tó. Tó bá rì, ẹ padà sídìí rẹ̀. Àwọn kan ní èèyàn ò gbọdọ̀ yí ọwọ́ padà, pé apá kan ṣoṣo ni kí á máa rò ó sí. Mo ti rò ó sí apá méjèèjì, ó wú bákan náà. Bákín páúdà tí àwọn mìíràn ń dà sí i náà, ẹ̀wà tí a po dáadáa ò nílò rẹ̀.

Kíkúnná ẹ̀wà náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi ìka méjì fọwọ́ ra á: kí ó dán, kí ẹ kàn máa gbọ́ yanrìn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá rí wóróworo, kò ní di afẹ́fẹ́ mú, àkàrà á sì máa fọ́ nínú òróró. Ẹni tó ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ní ọjà, kí ó sọ fún ẹni tó ń lọ̀ ọ́ kó má da omi sí i púpọ̀, kí ó sì dúró tì í, torí omi ló ń jẹ́ kí ẹ̀wà tètè jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀wà tó sùn nínú omi mọ́jú ti mu omi yó, nítorí náà omi tí ẹ máa fi lọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà, ìgbà tí òróró bá ti ń gbóná ni kí ẹ tó pò wọ́n mọ́ ọn. Iyọ̀ ń fa omi jáde lára àlùbọ́sà, ẹ̀wà tó ti wú lẹ́ẹ̀kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nígbà tí ẹ ṣì ń wá ṣíbí. Ẹ̀wà tí ẹ po tán tí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan náà á lọ sílẹ̀, ẹ tún un po díẹ̀ kí ẹ tó dín in.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, òróró wá kù. Kí ó jìn tó bí sẹ̀ǹtímítà 5, kí àkàrà lè léfòó, kó má jókòó sórí ìdí páànù. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọn ooru, dígírì Celsius 180 ló ń wá. Ẹni tí kò ní, kó ju gígé àlùbọ́sà kan sí i: tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó kíákíá yíká láìdúdú, ó ti tó. Ẹ má kó àkàrà kún páànù, torí gbogbo èyí tó bá bọ́ síbẹ̀ ló ń mú òróró tutù, a ó sì tún padà sí òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta dín ojú kan kí ẹ tó yí i, kí ojú kejì náà rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìgbà tí epo ń wọlé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá kúrò lórí iṣẹ́. Bí ẹ bá fi ṣíbí oníhò gbé àkàrà sókè, ẹ gbọ̀n ọ́n lórí páànù, kí epo kán padà sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná tó sì ń ṣàn. Ẹ gbé e lé ajẹ̀rẹ̀ tàbí asẹ́ tó ní àyè lábẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ má dà á jọ sínú kúlà tàbí abọ́ tí ẹ ó dé lórí: epo tó kán láti orí àkàrà òkè ni ti ìsàlẹ̀ ń fà mu, ooru tó há síbẹ̀ sì ń sọ èèpo rẹ̀ di rọ́bọ́rọ́bọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi po tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó bu díẹ̀ sínú ife omi, ó rì. Ó tún po ó. Ìgbà kejì ló léfòó, ìgbà náà ló tó wá tan iná.