Ta ló yẹ kó gbá pẹ́nárítì ìkarùn-ún? Èrò ọkàn mi rèé

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti di pẹ́nárítì ní ilé ìwòran tí a máa ń lọ ní Ìjìgbò, l'Ádó-Èkìtì níbí, ohun kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn: "Kóòṣì yìí ò mọṣẹ́! Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù ló fi sí ìkarùn-ún, eré sì parí kó tó kàn án!" Bí wọ́n ṣe bínú sí kóòṣì Íjíbítì nìyẹn ní 2022, nígbà tí Sẹ̀nẹ̀gà gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Yaoundé, tí Mohamed Salah ò sì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù nígbà pẹ́nárítì.

Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó.

Sẹ̀nẹ̀gà ló kọ́kọ́ ń gbá lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbá márùn-ún, mẹ́rin wọlé. Íjíbítì gbá mẹ́rin, méjì wọlé: Abdelmonem gbá tiẹ̀ lu òpó, Mendy aṣọ́lé Sẹ̀nẹ̀gà sì mú ti Lasheen, ẹni kẹrin. Bí Sadio Mané ṣe gbá ìkarùn-ún wọlé, ó di 4 sí 2, eré parí. Ó wá ku Salah. Ká ní wọ́n jẹ́ kí Salah gbá a, tó sì wọlé, 4 sí 3 ni ì bá jẹ́. Íjíbítì ṣì pàdánù. Ẹ wá sọ pé ká pààrọ̀ wọn, kí Salah gbá ìkẹrin, kí Lasheen gbá ìkarùn-ún. Salah á jẹ, ó di mẹ́ta. Mané náà á jẹ, ó di mẹ́rin. Lasheen á wá gbá tiẹ̀, tí aṣọ́lé bá sì mú un bó ṣe mú un lọ́jọ́ náà, 4 sí 3 ni. Kò sí ohun tó yí padà.

Ìdí ni pé ìgbà tí èsì bá ti dájú ni rẹfirí máa ń dá pẹ́nárítì dúró. Bọ́ọ̀lù tí wọn ò gbá mọ́, bọ́ọ̀lù tí kò lè yí ẹni tó borí padà ni. Tí o bá mú èèyàn márùn-ún kan náà, tí kálukú wọn sì gbá a bó ṣe máa ń gbá a, ò báà tò wọ́n láti iwájú, ò báà tò wọ́n láti ẹ̀yìn, ẹni tó máa borí náà ló máa borí. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn Yaoundé tí Íjíbítì àti Sẹ̀nẹ̀gà tún pàdé ní Dakar nítorí ife àgbáyé, ó sì tún di pẹ́nárítì. Lọ́tẹ̀ yìí, Salah ló gbá àkọ́kọ́ fún Íjíbítì. Ó gbá a kọjá lórí igi òkè. Sẹ̀nẹ̀gà borí, 3 sí 1.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níwájú kóòṣì ni pé kó mú àwọn márùn-ún tó yẹ. Títò wọn kì í ṣe ìṣirò ẹsẹ̀ mọ́, ìṣirò ọkàn ni. Onímọ̀ ará Nọ́wè kan, Geir Jordet, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo èyí. Ohun tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ rí ni pé bọ́ọ̀lù tó jẹ́ pé tó bá wọlé, a ti borí, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irú rẹ̀ tó máa ń wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ pé tí a bá gbá a nù, a ti pàdánù, bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni. Ẹsẹ̀ kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà, mítà 11 kan náà! Irú bọ́ọ̀lù kejì yìí máa ń pọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó bá ń gbá ṣìkejì, pàápàá ní ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Tí owó ẹyọ tí rẹfirí jù sókè bá ti sọ ọ́ di ẹgbẹ́ kejì, ibẹ̀ ni kí o fi àwọn tí àyà wọn kì í já sí. Ó sì ṣeé ṣe lójú ẹsẹ̀, nítorí òfin ò ní kí o kọ orúkọ fún rẹfirí ṣáájú.

Ibi tí mo ti ń rí gbogbo èyí kò jìnnà. Mo máa ń ṣe ìkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ kan nítòsí Ìkẹ́rẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ gbogbo pẹ́nárítì tí wọ́n bá gbá sínú ìwé: ẹsẹ̀ tó fi gbá a, apá ibi tó gbá a sí, ibi tí aṣọ́lé fò sí, àti bó ṣe parí. Ti ìdánrawò wà lójú ewé tirẹ̀, ti ìdíje wà lójú ewé tirẹ̀. Mi ò kì í pò wọ́n pọ̀, torí ẹni tí kò rẹ̀, tí kò sí èrò lẹ́yìn àwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ẹni kan náà lọ́jọ́ ìdíje.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti kóòṣì wa ni iye tí kò pọ̀. Ọmọ kan wà tó gbá mẹ́rin nínú ìdíje, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Òmíràn gbá 26, 22 wọlé. Kóòṣì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò sọ ọ́ nù rí ni kẹ́ ẹ fún mi." Mo ní, "Kóòṣì, ẹ dúró ná, mẹ́rin péré lẹ rí." Ẹni tó ju owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mẹrin tí orí ń ṣojú sókè ní gbogbo ìgbà, ṣé ẹ máa ní owó náà kò ní ìrù ni?

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Láàárín àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin pẹ́nárítì ló ń wọlé. Nítorí náà, kí n tó ka ti ọmọ kankan, mo máa ń fi ogún bọ́ọ̀lù tí kò gbá kún tiẹ̀, tí 15 wọlé nínú wọn. Ọmọ tó jẹ mẹ́rin nínú mẹ́rin á di 19 nínú 24, ìyẹn 79 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó jẹ 22 nínú 26 á di 37 nínú 46, ìyẹn 80. Ẹni tí kóòṣì rò pé ó ga jù kò ga ju ẹnì kejì lọ mọ́. Agbábọ́ọ̀lù iwájú wa tí gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀ ti gbá mẹ́sàn-án, márùn-ún wọlé: 20 nínú 29, tàbí 69. Òun ló ń jẹ gòólù jù láàárín eré, ṣùgbọ́n ìwé mi ò gbé e sí àárín àwọn márùn-ún. Bí bọ́ọ̀lù tẹ́nì kan ti gbá bá ṣe ń pọ̀ sí i, ogún tí mo fi kún un á máa dín agbára kù, tiẹ̀ á wá máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ti aṣọ́lé ló tún le jù. Aṣọ́lé méjì la ní. Ìkínní ti dúró de pẹ́nárítì 13, ó mú méjì. Ìkejì dúró de méje, ó mú mẹ́ta. Bí eré bá ti ń lọ sópin, ẹ ó máa gbọ́ ariwo lẹ́yìn wa: "Ẹ gbé ìkejì wọlé!" Ṣùgbọ́n mo ti kọ ibi tí kálukú fò sí. Nínú mẹ́ta tí ìkejì mú, méjì jẹ́ èyí tí wọ́n gbá tààrà sí i láyà kó tó mira. Nínú méje náà, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló lọ sí apá tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ìkínní lọ síbi tó yẹ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nínú 13. Ó máa ń fọwọ́ kàn án, á ṣì wọlé. Iye tí aṣọ́lé mú kéré jù láti fi dá a lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń sọ bóyá ojú rẹ̀ ríran. Mi ò sì tan ara mi jẹ: tí ẹ bá ju owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mẹtàlá, ó máa ń ṣojú sókè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀meje tàbí mẹ́jọ. Ó lè jẹ́ oríire lásán. Ó kàn sàn ju ohun tí àwọn tó ń pariwo dì mú lọ ni.

Ẹni tó bá rántí ife àgbáyé 2014 á ní ṣebí Louis van Gaal, kóòṣì Nẹ́dálándì, gbé aṣọ́lé kan, Tim Krul, wọlé ní ìparí eré pẹ̀lú Kọsita Ríkà, Nẹ́dálándì sì borí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Krul ṣe: bọ́ọ̀lù márùn-ún ni wọ́n gbá sí i, márààrún ló fò sí apá tó yẹ, ó sì mú méjì. Kọsita Ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá pẹ́nárítì pẹ̀lú Gíríìsì ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni, gbogbo ayé ló rí ibi tí wọ́n gbá a sí. Ohun tí aṣọ́lé rí tẹ́lẹ̀ wà nínú ìfò yẹn. Ẹni tí kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tó kàn pààrọ̀ aṣọ́lé nítorí àwọn èrò ìta, kò ṣe ohun tí van Gaal ṣe.

Ní àṣekágbá wa lọ́dún Àjíǹde tó kọjá, ó di 1 sí 1, pẹ́nárítì dé. Àwa la gbá ṣìkejì. Kóòṣì gbọ́ tèmi lórí márùn-ún, ó sì fi aṣọ́lé ìkínní sílẹ̀. Ó mú ọ̀kan. Àwa náà sọ ọ̀kan nù. Ó di 4 sí 4.

Èmi àti kóòṣì ò ronú kan ìkẹfà.

Ibi tí títò wọn ti wá ṣe pàtàkì nìyí o, torí láti ìkẹfà lọ, ẹni tó bá kàn ló ń gbá a, eré sì lè parí kó tó kan ẹni tó sàn jù. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ̀ ọ́n. Ní Rabat, ní November 2025, 3 sí 3 ni àwa àti Kóńgò ti Kinshasa wà lẹ́yìn márùn-ún. Semi Ajayi gbá ìkẹfà tiwa, Fayulu, aṣọ́lé tí wọ́n gbé wọlé nítorí pẹ́nárítì náà, mú un. Chancel Mbemba, balógun ẹgbẹ́ wọn, ló gbá ìkẹfà tiwọn. Ó wọlé.

Ní pápá tiwa, àwọn alátakò wa jẹ ìkẹfà. Kóòṣì bojú wo àwọn ọmọ, gbogbo wọn bojú wolẹ̀. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn láàárín fẹsẹ̀ fà lọ síbẹ̀, torí pé kò sẹ́lòmíràn. Ìwé mi ní ó ti jẹ ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ọmọ tó jẹ méje nínú mẹ́sàn-án jókòó sórí koríko, ó ń na ẹsẹ̀ tó fà á. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó lè dìde. Bọ́ọ̀lù lọ sókè, ó kọjá lórí ògiri iléèwé tó wà lẹ́yìn àwọ̀n.

Mo ti ṣírò ó láìmọye ìgbà láti ọjọ́ náà. Pẹ̀lú ogún tí mo fi ń kún un, 76 ni ti ọmọ tó jókòó, 70 ni ti ẹni tó gbá a. Mẹ́fà péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyàtọ̀ wọn, òun náà lè gbá a nù. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó yàn. Ìwé tí mo ń mú lọ sí pápá báyìí, orúkọ mọ́kànlá ló wà lórí rẹ̀, aṣọ́lé ló kẹ́yìn, mo sì ti kọ orúkọ ọmọ yẹn sí ìkẹfà.