-0.30 yẹn ò dá dúró o

"Rigirẹ́ṣàn owó oṣù tí mo ṣe fáwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù l'Ógbómọ̀ṣọ́ gbé -0.30 jáde fún obinrin, ìyẹn ni pé owó obìnrin fi nǹkan bí 30 nínú 100 kéré sí tọkùnrin."

Rárá o ẹ̀gbọ́n, àlàyé yín sáré jù. Ẹ wo ìlà tẹ́ ẹ fúnra yín lẹ̀:

```
logwage = 1.20 - 0.30*obinrin + 0.08*educ + 0.02*obinrin*educ
```

Níwọ̀n ìgbà tí obinrin*educ ti wà níbẹ̀, ẹni tí educ ẹ̀ jẹ́ 0 nìkan ni -0.30 ń bá wí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tí ò parí pámárì nínú dátà yín! Ẹ mú ẹni tó ka ọdún 12, tó parí sẹ́kọ́ńdírì: -0.30 + 0.02×12 = -0.06, bíi 6 nínú 100 péré. Ẹ fi educ-12 rọ́pò educ kẹ́ ẹ tún un rọ́ọ̀nù, -0.06 yẹn á jáde fúnra ẹ̀ níwájú obinrin, sítáńdáàdì ẹ́rọ̀ tiẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ kankan tiẹ̀ wà.