Ẹ Yé Fi Fọ́tò Kan Ṣoṣo Ya Ojú Ìwé Méjì

Ó ti sú mi. Ó sú mi débi pé bí fóònù mi bá dún lálẹ́, tí mo sì rí i pé fọ́tò ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́, inú á ti máa bí mi kí n tó ṣí i. Iṣẹ́ àkàyé ni. Ọmọ gbọ́dọ̀ fi lé olùkọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òbí sì fẹ́ kí èmi tí mo ń kọ́ ọmọ náà nírọ̀lẹ́ bá wọn yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò. Ìyẹn ò burú. Fọ́tò yẹn ló burú: ìwé tí wọ́n là gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú ìwé méjèèjì nínú fọ́tò kan, fóònù tí wọ́n gbé dagun, òjìji ọwọ́ ẹni tó ń yà á tó bo ìpínrọ̀ kejì mọ́lẹ̀, àárín ìwé níbi tí wọ́n ti dì í pọ̀ sì ṣú dùdù. Wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Àárín ìwé yẹn ló ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Lójú ìwé apá òsì, ìparí ìlà ló ń wọ inú rẹ̀ lọ. Lójú ìwé apá ọ̀tún, ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó tẹ ìwé máa ń fi nọ́ńbà ìlà sí nígbà míì, 5, 10, 15, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìbéèrè bá wá ní kí ọmọ wo ìlà 22, kò sí nọ́ńbà kankan tó máa wò. Ó di kó máa ka ìlà ní méní-méjì láti ibi tí fọ́tò ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ya fọ́tò ti gé orí ojú ìwé dànù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn nìyẹn. Àyọkà náà dá lórí àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ń jà lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ìlà 18 ló wà lójú ìwé apá òsì, ìlà 19 ló sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ apá ọ̀tún. Ìlà tó kẹ́yìn ní apá òsì kà báyìí: "Baálẹ̀ ní òun á jẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ náà". Kò sí àmì ìdánudúró níbẹ̀. Nínú fọ́tò, apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tuntun tó sọ pé inú bí àbúrò. Mo wò ó títí. Bí Baálẹ̀ bá ti gbà, kí ló ń bí àbúrò nínú? Òun kúkú ni ẹni tó fẹ́ tà á. Mo ní kí wọ́n tún orí ojú ìwé yẹn yà fún mi. Ìlà méjì ni wọ́n ti gé kúrò, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé "bí àkọ́bí bá ti Ìlọrin dé, tó sì fọwọ́ sí i níwájú gbogbo ẹbí."

Ẹ wo jàǹbá tí ìlà méjì ṣe. Ìbéèrè kan bi ọmọ náà pé kí ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ta ilẹ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ìbéèrè míì ní kó sọ ìtumọ̀ àkànlò èdè tó wà ní ìlà 22. Ó pe ìlà àkọ́kọ́ tó rí ní 19, bẹ́ẹ̀ 21 ni ní tòótọ́, nítorí náà orí ìlà 24 ló bá ara rẹ̀. "Na pápá bora" ló wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn sá lọ. Ìtumọ̀ yẹn dáa, àmọ́ òun kọ́ ni wọ́n béèrè. "Fàáké kọ́rí" ló wà ní ìlà 22. Ọmọ tó mọ àkànlò èdè méjèèjì dáadáa máa gba òdo nítorí ẹni tó ya fọ́tò ń kánjú.

Ti ìwé ilẹ̀ yẹn ló dùn mí jù, torí mo bi ọmọ náà ibi tó ti rí i. Ó ní bàbá òun ló sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ẹ ti ra ilẹ̀ rí. Ẹni tó kọ àyọkà kò bá yín sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tiyín! Nínú àkàyé, ohun tó jẹ́ òótọ́ nígboro kì í ṣe ìdáhùn bí kò bá sí nínú àyọkà. Bí ibì kan bá ṣófo nínú fọ́tò, ẹ má fi ọgbọ́n orí yín dí i fún ọmọ. Ẹ lọ ṣí ìwé. Ìwé náà wà nínú báàgì rẹ̀ níbẹ̀!

Àmì ohùn náà ńkọ́? Fọ́tò tó ṣe bàìbàì máa ń pa á rẹ́. Nínú àyọkà yìí kan náà, mi ò mọ̀ bóyá "ọkọ́" ni àbúrò fẹ́ fi owó ilẹ̀ rà ni tàbí "ọkọ̀". Ìlà kan nísàlẹ̀ ló gbà mí, níbi tí wọ́n ti ní yóò máa fi kó èrò lọ sí Ìwó. Ká ní ìlà yẹn náà ti wọ àárín ìwé lọ, kí ni ǹ bá sọ fún ọmọ?

Kò sì le rárá, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ojú ìwé kan, fọ́tò kan. Ẹ gbé ìwé sórí tábìlì, ẹ fọwọ́ tẹ àárín rẹ̀ kó tẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ gbé fóònù sí òkè ojú ìwé náà gan-an, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú ìwé hàn. Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kẹ́ ẹ sì pa iná fóònù, nítorí bébà tó ń dán máa ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà, ojú ibẹ̀ á sì funfun báláú. Bó bá jẹ́ orí Wasáàpù lẹ ti fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi ṣọwọ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kí lẹ́tà rẹ̀ má baà fọ́. Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ka ìlà tó gbẹ̀yìn nínú fọ́tò àkọ́kọ́ àti ìlà tó ṣáájú nínú ìkejì pa pọ̀. Bí wọn ò bá so mọ́ra, nǹkan ti já. Ẹ rántí ẹ̀yìn ojú ìwé náà o, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè tó kù máa ń wà.

Kí ọmọ náà sì kọ ojú ìwé àti ìlà tó ti rí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbéèrè tí àyọkà kò dáhùn ní tààrà, irú bíi "Irú èèyàn wo ni Baálẹ̀?", ó ṣì gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ohun tí Baálẹ̀ ṣe tàbí tó sọ, ìlà báyìí báyìí. Ìdáhùn tí kò bá ní ìlà, mi ò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Fọ́tò tó bá sì tún kó ojú ìwé méjì pọ̀, màá dá a padà lálẹ́ ọjọ́ náà, kódà kó jẹ́ aago mẹ́wàá ti lù.