Gẹ̀ẹ́sì Tó Dán Kì í Ṣe Ẹ̀rí Pé Yorùbá Ibẹ̀ Pé

Nígbà tí Ojúde Ọba ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹbí wa tí wọ́n ń gbé lókè òkun fi Gẹ̀ẹ́sì kan ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ẹbí. Wọ́n ní ìtúmọ̀ tí ẹ̀rọ ṣe sí àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí ni, èyí tí akọ̀wé wa tó ti dolóògbé tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láyé ọjọ́sí. Wọ́n ní ó hàn níbẹ̀ gbangba pé àwọn àgbà ti fẹnu kò kí wọ́n ta ilẹ̀ wa tó wà lójú ọ̀nà Ṣàgámù. Mo bèèrè Yorùbá rẹ̀. Èsì tí mo gbà ni pé: "Àbúrò, ẹ̀rọ kì í purọ́. Bí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò bá yé e, á sọ pé kò yé òun."

Gbólóhùn yẹn ti sú mi. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé ìjọ, lẹ́nu ọmọ tó ń sìnrú ìlú, títí kan lẹ́nu àwọn tó ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn gbà pé bí Gẹ̀ẹ́sì tó jáde bá dán, a jẹ́ pé Yorùbá tó wọlé pé nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ ìtúmọ̀ tí a ń lò báyìí kò ní ibi tó ti ń sọ pé "kò yé mi."

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣe é. Tí ẹ bá ti fún un ní ọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ gé e wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ dáadáa lè wọlé lódindi. Èyí tí kò rí rí, á máa gé e títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ku lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í to Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Bó bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ kan, á pín ìdá ọgọ́rùn-ún láàárín gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, èyí tí ìpín rẹ̀ bá pọ̀ ló sì sábà máa ń mú. Ìpín náà gbọ́dọ̀ pé ọgọ́rùn-ún, yálà ohun tí ẹ fún un nítumọ̀ tàbí kò ní. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ borí. Ó dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sọ fún pé kò gbọdọ̀ fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo nínú ìdánwò.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ gan-an rèé. Ohun méjì ló ń wò kó tó mú ọ̀rọ̀ tó kàn: Yorùbá tí ẹ fún un, àti Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ sílẹ̀. Bí Yorùbá bá ti dàrú, kò sí nǹkan tó lè rí dì mú níbẹ̀ mọ́, ni Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ bá ń fa Gẹ̀ẹ́sì mìíràn. Ìyẹn ló fi ń dán. Dídán rẹ̀ ń fi hàn pé ẹ̀rọ mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ, kò fi ohun kan hàn nípa Yorùbá yín.

Ẹni tó bá ní àsọdùn ni mò ń sọ, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2018. Àwọn èèyàn lọ sórí Google Translate, wọ́n tẹ "dog", ìyẹn ajá lédè Gẹ̀ẹ́sì, léraléra, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn títí, wọ́n sì sọ fún ẹ̀rọ pé èdè Maori tí wọ́n ń sọ ní New Zealand ni. Ohun tó gbé jáde ni pé aago òpin ayé ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kó lu méjìlá, pé àmì wà káàkiri pé ìpadàbọ̀ Jésù ti súnmọ́lé. Ajá lásán! Àwọn kan ní ẹ̀mí ló wọnú ẹ̀rọ. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìtúmọ̀ ṣe rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: èdè tí ìwé rẹ̀ ò pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Bíbélì àti ìwé ẹ̀sìn ló sábà máa ń pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ. Bí kò bá wá rí nǹkan dì mú, ibẹ̀ ló máa ń sá padà sí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wa náà ò jìnnà síyẹn. (Ẹ má sì tíì dán Ìjẹ̀bú ponbele tí ìyá àgbà ń sọ wò. Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò gbọ́ tiwa.)

Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ á sọ bí kò bá yé e, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ni wọ́n ń rántí. Ní 2013 tí wọ́n fi Yorùbá kún Google Translate, ẹ̀rọ tó ń to àpólà ọ̀rọ̀ pọ̀ ni wọ́n ń lò. Bí ìyẹn bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, á gbé e sílẹ̀ bó ṣe wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, ó ń kan èèyàn lójú, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tẹ́ ẹ bá dà sí i, ẹ máa bá a níbẹ̀. Láti 2016 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tí mo ṣàlàyé lókè yìí rọ́pò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wá dára sí i, ìkìlọ̀ sì pòórá.

Ó yá, ká padà sórí ilẹ̀ wa. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, bí ìlà tó dá ìjà sílẹ̀ ṣe rí nìyí:

```
áº¸ mÃ¡ ta iláº¹Ì€ áº¹bÃ
```

Ohun tí ẹ̀gbọ́n dà sẹ́nu ẹ̀rọ nìyẹn. Wọn ò kà á. Wọ́n kàn dà á kọ látòkè délẹ̀.

Ohun tó fà á kò ju báyìí lọ. Lẹ́tà "a" tàbí "t" ń gba àyè kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, àyè tí wọ́n ń pè ní báìtì. "Ẹ" wa tó nísàlẹ̀ ń gba mẹ́ta. Nínú UTF-8, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, "ẹ" kékeré ni báìtì E1, BA àti B9. Bí ètò mìíràn tó gbà pé báìtì kan ni lẹ́tà kan, irú Windows-1252, bá ṣí fáìlì náà, á kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: á, lẹ́yìn rẹ̀ º, lẹ́yìn rẹ̀ ¹. Bí "ẹ" ṣe ń di áº¹ nìyẹn. "Ṣ" kékeré ń di á¹£, "á" olóhùn òkè ń di Ã¡. Gbogbo lẹ́tà tó jẹ́ ti Yorùbá gan-an ló ń bàjẹ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì náà ní nìkan ló ń yè.

Ẹ wá wo ohun tó yè nínú ìlà wa. "Má" bàjẹ́. "Ilẹ̀" bàjẹ́, ó ku "il" níwájú. "Ẹbí" bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ́ lódindi ni "ta". Àwọn àgbà sọ pé ẹ má ta ilẹ̀ ẹbí. "Má" tó jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ ló dàrú, "ta" ló dúró, ẹ̀rọ sì fi í kọ́ odindi ìpinnu ìpàdé. Mo yọ "ta" yẹn kúrò, mo tún fún un ní ìyókù. Ilẹ̀ pòórá, ó di ọ̀rọ̀ Olúwa àti àwọn ọmọ Rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ibi kékeré báyìí tí gbogbo ìtúmọ̀ sì ṣí kúrò nídìí, ẹ mọ̀ pé àfọwọ́dá ni.

Ẹ̀gbọ́n ò gbà. Wọ́n ní àwọn dá Gẹ̀ẹ́sì náà padà sí Yorùbá, ó sì bára mu. Ó gbọ́dọ̀ bára mu! Inú Gẹ̀ẹ́sì tó dán ni ẹ ti gbéra lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ò gbéra nínú fáìlì tó dàrú. Ẹ̀rọ kàn tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ni. Yorùbá tó fún yín àti Yorùbá tí akọ̀wé tẹ̀ ló yẹ kí ẹ gbé síra wọn, ẹ ò sì lè ṣe ìyẹn láìka ti akọ̀wé.

Kíkà yẹn ni gbogbo ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ tó fún ẹ̀rọ ní nǹkan, ẹ fojú wá Ã, áº àti á¹ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ dúró. Ẹ tún wo orúkọ àti nọ́ńbà: orúkọ gbogbo àwọn tó wá sípàdé wà nínú fáìlì wa, kò sí ẹyọ kan nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀gbọ́n. Gbólóhùn kan sì wà tó tún ara rẹ̀ sọ léra léra. Ojú tó bá wò ó á rí i.

Irú ìbàjẹ́ yìí sábà máa ń ní àtúnṣe. Ẹ kọ́kọ́ tún fáìlì náà ṣí, kí ẹ sì yan UTF-8 nígbà tí kọ̀ǹpútà bá bèèrè. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti bàjẹ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, á dá a padà:

```python
s = "áº¸ mÃ¡ ta iláº¹Ì€"
print(s.encode("cp1252").decode("utf-8"))
```

Ohun tó máa jáde ni "Ẹ má ta ilẹ̀". Ẹ ó rí i pé mi ò fi "ẹbí" sí i. Báìtì kejì nínú "í" kì í hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó sì rọrùn kó já bọ́ síbi tí a ti ń dà á kọ; bó bá ti já bọ́, ètò yìí á kọ̀. Ti "ọ" tún le ju ìyẹn lọ. E1, BB àti 8D ni tirẹ̀, 8D ò sì ní lẹ́tà kankan nínú Windows-1252, nítorí náà á» nìkan ni ẹ sábà máa rí. Ọwọ́ ni mo fi ń tún gbogbo ìyẹn ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lóòótọ́, ẹ̀rọ máa ń gbìyànjú nígbà mìíràn. Yorùbá tí kò lámì, tàbí tí wọ́n ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ níbẹ̀, ó lè tú u dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tó tú bó ṣe yẹ àti èyí tó fọwọ́ dá, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀ jáde.

Bó bá jẹ́ inú fọ́tò ìwé ni kọ̀ǹpútà ti ka lẹ́tà, tó ń sọ "ṣ" di $ tó sì ń sọ "ẹ" di g, kò sí ètò tó máa tún ìyẹn ṣe. Ẹ lọ bá ìwé náà gan-an. Tiwa wà lọ́wọ́ olórí ẹbí, a sì ti tún un tẹ̀. Ibi tí ikán ti jẹ nínú rẹ̀, "kò ṣeé kà" ni mo kọ síbẹ̀, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi ibẹ̀ lọ ẹ̀rọ.